Bí Aboyún Ṣe Lè Kọ̀wé sí Agbanisíṣẹ́ Nígbà Tí Àìsàn Oyún Bá Mú Kí Ìsinmi Ìbímọ Yá

Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́ oṣù ni ó ti fi ọjọ́ tí wọn yóò gba ìsinmi ìbímọ sí ọkàn láti ìgbà tí oyún wà ní oṣù kẹta. Wọ́n ti ka ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó kù, wọ́n sì ti sọ fún ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, oyún kì í dúró de ọjọ́ tí a dá fún un. Dókítà lè sọ ní ọ̀sẹ̀ 31 pé kí aboyún má ṣe padà sí ibi iṣẹ́ mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 34 ni ó ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Kí ni kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀? Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí iṣẹ́ kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ní dúró? Ìyẹn ni a fẹ́ ṣàlàyé nínú ìwé yìí.

ÀÌSÀN TÍ KÌ Í DÚRÓ DE ỌJỌ́

Àìsàn oyún pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó sábà máa ń gba ìyá kúrò níbi iṣẹ́ lójijì ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún fà. Kì í hàn títí oyún yóò fi kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Bí a bá wọn ìfúnpá aboyún tí ó jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí kò sì wálẹ̀, tí a sì rí èròjà purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, dókítà yóò mọ̀ pé àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú ibi ọmọ ni ó ti ń wá. Ìdí nìyí tí kò fi sí oògùn kankan tí ó lè wò ó tán nígbà tí oyún ṣì wà ní ikùn. Oògùn ìfúnpá lè mú un wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá bí ọmọ tí ibi rẹ̀ sì jáde ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ẹni tí ó ní i lè máà mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó lè máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni agbanisíṣẹ́ ṣe máa ń rò pé ọ̀lẹ ni aboyún náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá gòkè dé 160/110, tàbí bí orí líle bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn yẹ̀rì, tí ìrora sì wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, gìrì kò jìnnà mọ́. Gìrì yìí lè pa ìyá, ó sì lè pa ọmọ. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan kò tó láti fi mọ àìsàn yìí, nítorí ọ̀pọ̀ aboyún tí ara wọn le ni ẹsẹ̀ wọn máa ń wú. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, kí a tètè lọ wọn ìfúnpá.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ìsinmi wà fún. Dídùbúlẹ̀ lórí ibùsùn láti àárọ̀ di alẹ́ kò wo àìsàn yìí sàn. Ohun tí aboyún náà nílò ni àyè láti lọ wọn ìfúnpá kí ó sì yẹ ìtọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án, kí ẹnì kan sì wà nítòsí rẹ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí àmì kan bá yọ. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kò lè rí gbogbo èyí ṣe.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí ó wà nínú àkójọpọ̀ òfin ti ọdún 2004, sọ̀rọ̀ nípa aboyún ní abala 54. Ó kan obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní ilé ìṣòwò, tàbí ní oko ńlá, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni.

Èkíní, bí obìnrin bá mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọwọ́ dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ìwé náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi. Èkejì, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdáwọ́ dúró ṣáájú ìsinmi náà, owó tí wọn yóò san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tí ó wà nínú ìsinmi náà, tàbí nígbà tí àìsàn láti inú oyún tàbí ìbímọ bá mú kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí dókítà bá ti jẹ́rìí sí àìsàn náà.

Òfin kan náà fún òṣìṣẹ́ ní ohun méjì mìíràn tí ọ̀pọ̀ ìyá kò rántí. Abala 16 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tó 12 nínú ọdún kan. Abala 18 sì sọ pé ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọdọọdún tí kò gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní kíkún.

Èyí ni òfin fi ṣe ìpìlẹ̀. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín lè fún yín ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè fún yín ní ohun tí ó kéré sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìlànà tiwọn, èyí tí ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó kíkún. Kí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ béèrè ìlànà tiwọn lọ́wọ́ ẹni tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn. Kí a sì mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ kò sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti san owó ilé ìwòsàn oyún.

ÀPẸẸRẸ OBÌNRIN KAN NÍ ADIGBẸ

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Adigbẹ ni ó ń gbé ní Abẹ́òkúta, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe omi inú ọ̀rá ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lo ọdún méjì níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, orí ìdúró ni ó sì ń wà. Kò tí ì gba ìsinmi kankan lọ́dún yìí. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀ pé yóò bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà, èyí tí í ṣe ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ni ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun yóò lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 31, ó lọ fún ìtọ́jú aboyún. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 146/94, purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Kò sí orí fífọ́, ojú rẹ̀ kò sì ṣú. Dókítà ní kò ní láti gba ibùsùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ padà sí ibi iṣẹ́, kí ó sì máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó fi kún un pé bí àìsàn náà kò bá le sí i, àwọn kò ní jẹ́ kí oyún náà kọjá ọ̀sẹ̀ 37 kí àwọn tó gbẹ̀bí rẹ̀, èyí tí yóò bọ́ sí ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá.

Nígbà náà ni ìbéèrè dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó wà láàárín ọjọ́ tí dókítà dá a dúró àti ọjọ́ tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe kún àlàfo náà? Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ọjọ́ iṣẹ́ 12 fún àìsàn gba ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọjọ́ 7 títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ti ìsinmi ọdọọdún gba ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ 21 títí di ọjọ́ 26. Ní ọjọ́ 28, ìsinmi ìbímọ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Owó kíkún ni yóò gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ti ìdajì yóò bẹ̀rẹ̀. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ náírà 80,000, kò gbọdọ̀ gba ohun tí ó dín sí náírà 40,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi wà nínú ìsinmi ìbímọ.

Ṣùgbọ́n kí ni bí ibà bá ti jẹ ọjọ́ àìsàn rẹ̀ tán láti oṣù Kẹrin? Ọ̀nà kan ṣì wà. Òfin kò sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ tí oyún yóò pé ọ̀sẹ̀ 40. Ohun tí ó sọ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí ìyá bímọ. Bí dókítà bá ti pinnu láti gbẹ̀bí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 37, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó kù láti ọ̀sẹ̀ 31. Bí dókítà bá kọ èyí sínú ìwé, ìsinmi ìbímọ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án náà gan-an. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé owó rẹ̀ lè di ìdajì láti ọjọ́ kìíní.

OHUN TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ WÀ NÍNÚ ÌWÉ DÓKÍTÀ

Lẹ́tà aboyún kò lágbára ju ìwé dókítà tí ó bá a rìn lọ. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí ti aládàáni, ẹ ka ìwé náà. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kà á fún yín. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wá nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n retí pé ẹ óò bímọ, pé oyún ni ó fa àìsàn náà, pé àìsàn náà kò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí, àti orúkọ dókítà, ọwọ́ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn. Bí dókítà bá retí pé ìbímọ yóò yá, kí ó kọ ọjọ́ náà pẹ̀lú.

Ìwé tí ó sọ pé “kí aboyún yìí sinmi” nìkan kò tó. Kò sọ pé oyún ni ó fà á, kò sì sọ ọjọ́. Bákan náà, ìwé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, tàbí láti ilé àdúrà, tàbí láti ọ̀dọ̀ olóògùn kẹ́mísí kì í ṣe ohun tí òfin bèèrè. Dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ ni òfin dárúkọ.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe yín fún ilé-iṣẹ́. Iye ìfúnpá yín àti àyẹ̀wò ìtọ̀ yín kò kan akọ̀wé ọ́fíìsì. “Àìsàn tí oyún fà, tí ó ń fẹ́ àyẹ̀wò lemọ́lemọ́” ti tó.

IṢẸ́ TÍ A Ó KỌ́KỌ́ JẸ́, ÀTI LẸ́TÀ NÁÀ

Ní ọjọ́ kan náà tí dókítà bá dá yín dúró, kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ilé-iṣẹ́ má baà sọ pé ẹ sá níṣẹ́. Kí ó kúrú, báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo wà ní ilé ìwòsàn lónìí, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ padà sí ibi iṣẹ́ nítorí àìsàn tí oyún mi fà. Ọkọ mi yóò mú lẹ́tà àti ìwé dókítà wá lọ́la. Ẹ má bínú pé ó jẹ́ òjijì.”

Ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ní ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ bá yín yí i padà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Èyí ni obìnrin Adigbẹ wa lè kọ:

“Sí Alákòóso Ilé-iṣẹ́.
Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌSINMI NÍTORÍ ÀÌSÀN OYÚN

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni òṣìṣẹ́ yín ní ẹ̀ka ìdì ọ̀rá omi. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ìsinmi ìbímọ mi yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù yìí. Ní àná, dókítà rí i pé mo ní àìsàn tí oyún fà, ó sì jẹ́rìí pé n kò lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 7 títí tí n óò fi bímọ. Ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 19 sí ìsinmi àìsàn, ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 26 sí ìsinmi ọdọọdún mi, kí ìsinmi ìbímọ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 bí a ti sọ ọ́. Dókítà retí pé mo lè bímọ ní nǹkan bí ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n lo ọ̀sẹ̀ ìsinmi tí ó bá kù lẹ́yìn ìbímọ. N óò fi ọjọ́ tí mo bí ránṣẹ́ sí yín, n óò sì sọ ọjọ́ tí n óò padà.

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ àti ìwé ìṣirò ọ̀rá lé ẹnì kejì mi lọ́wọ́. Ẹ lè bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí nọ́mbà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ sí mi ní ìwé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́.”

Kí ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà náà kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú, kò sì bínú. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ka ọjọ́, ó sì sọ pé òun yóò padà. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe. Kí ẹni tí ó bá gbé e lọ jẹ́ kí akọ̀wé kọ “a ti gbà á” sára ẹ̀dà kejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì mú un padà wá sílé. Ẹ̀dà ìwé dókítà ni kí ẹ fún wọn; kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI Ń BÀJẸ́

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni iṣẹ́ àfẹnujẹ́. Ọkọ sọ fún ọ̀gá kékeré, ọ̀gá kékeré gbàgbé, nígbà tí oṣù sì parí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ náà kò wá síbi iṣẹ́ láìgbàyè. Èkejì ni kí a ní kí aboyún “kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná, kí ó padà wá bí ó bá bímọ tán.” Ẹ má ṣe fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò tí a ṣàlàyé lókè yìí. Ẹ̀kẹta ni kí ọjọ́ ìwé dókítà parí láìgba òmíràn. Bí ìwé bá sọ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gba tuntun kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé.

Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Kí ọkọ tàbí ẹbí mú ẹ̀dà gbogbo ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n lè pe agbanisíṣẹ́ náà láti wá ṣàlàyé. Ní ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dájọ́ pé dídá obìnrin dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó lóyún jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tí ìwé òfin ilẹ̀ wa kọ̀. Ṣùgbọ́n kí aboyún má ṣe tìtorí àríyànjiyàn yìí padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ owó ṣeé yanjú lẹ́yìn. Gìrì kì í dúró de èsì lẹ́tà.

LẸ́YÌN ÌBÍMỌ

Bí obìnrin Adigbẹ wa bá bímọ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, òfin kò gbà kí ó padà síbi iṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Bí àdéhùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 lápapọ̀, tí a kà láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni yóò padà. Ìdí nìyí tí ó fi bèèrè nínú lẹ́tà rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo èyí tí ó kù.

Kí ó má ṣe rò pé àìsàn náà ti tán ní ọjọ́ tí ó bímọ. Ìfúnpá lè tún gòkè, gìrì sì lè dé lẹ́yìn ìbímọ, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé. Bí kò bá tí ì wálẹ̀ nígbà náà, kí ó gba ìwé dókítà mìíràn tí ó sọ pé láti inú oyún àti ìbímọ ni àìsàn náà ti wá, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kí ọjọ́ ìpadà rẹ̀ tó pé. Nígbà tí ó bá sì padà, bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, òfin fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín àkókò iṣẹ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ èyí fún ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọlé.